Nọ́ńbà 99 tó ń tan ni jẹ: ajá onímú pẹlẹbẹ lábẹ́ oògùn akunilóorun

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Dókítà ẹranko ni mí ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀. Oníbàárà mi kan láti Iléṣà fẹ́ kí n yọ ilé-ọmọ Búdọ́ọ̀gì Faransé rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ó wọn kílò 11. Mo ní ọ́síjìn, mo ní aisofilúréènì, mo sì ní ẹ̀rọ SpO2 tí wọ́n ń fi há ahọ́n. Ṣé dandan ni kapinógíráàfù, níwọ̀n ìgbà tí SpO2 bá ń ṣe 99 látìbẹ̀rẹ̀ dópin? Àti pé ìgbà wo gan-an ni kí n yọ túùbù?*

Ẹ kú iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ abẹ yìí ṣeé ṣe láìsí kapinógíráàfù, ẹ̀rọ tó ń wọn kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì inú èémí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ajá tó lè gba ẹnu ọ̀nà yín wọlé, onímú pẹlẹbẹ ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú èyí tí ẹ máa fi dán an wò. Ìdí rẹ̀ wà nínú 99 yẹn fúnra rẹ̀.

Ohun tí SpO2 ń sọ ni bí ọ́síjìn ṣe kún ẹ̀jẹ̀ tó. Kò sọ bóyá ajá ń mí dáadáa. Bí ajá bá ń fa ọ́síjìn gidi láti ara ẹ̀rọ, ohun méjèèjì lè pínyà fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ẹ wo táńkì omi orí òrùlé. Iná lọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi dákẹ́, síbẹ̀ ẹni tó ń fọ abọ́ nílé ìdáná ṣì ń rí omi bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, títí táńkì á fi gbẹ lójijì. Ẹ̀dọ̀fóró ni táńkì yẹn. Lẹ́yìn tí ajá kílò 11 bá mí síta tán, afẹ́fẹ́ tó máa ń ṣẹ́kù sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó nǹkan bíi 500 mílílítà. Lábẹ́ oògùn, ara rẹ̀ ń lo ọ́síjìn tó nǹkan bíi 50 sí 60 mílílítà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ọ́síjìn nìkan ló kún inú rẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan lè kọjá tí kò mí rárá kí nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa já. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ inú yàrá ló wà níbẹ̀, tí ọ́síjìn inú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ohun tó wà nípamọ́ kò lè gbé e dé ìṣẹ́jú méjì. Ajá tó sanra, tí ẹ tún fi ẹ̀yìn lélẹ̀ fún iṣẹ́ ilé-ọmọ, táńkì tirẹ̀ kéré ju èyí lọ, nítorí ìfun àti ọ̀rá ti ń ti ẹ̀dọ̀fóró sókè.

Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ní tirẹ̀, mímí nìkan ló ń gbé e jáde. Bí ọ́síjìn inú ẹ̀rọ ti wù kó pọ̀ tó, kò lè bá ajá gbé e. Ìyẹn ni kapinógíráàfù ń wọ̀n ní ìparí èémí kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ sójú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí EtCO2. Ẹ fi í sáàárín túùbù àti okùn ẹ̀rọ, èémí tó bá jáde ló ń kà.

Ibi tó ti máa kọ́kọ́ sanwó rẹ̀ ni ìgbà tí ẹ bá ń ti túùbù wọlé. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ọ̀fun Búdọ́ọ̀gì ṣe rí: ẹran rírọ̀ ẹ̀yìn àjà ẹnu gùn, ó bo ẹnu ọ̀nà èémí, ahọ́n nípọn, àwọn ìṣù kéékèèké ẹ̀gbẹ́ gògóńgò sì lè ti yọ síta. Ẹ ó gbé ẹran yẹn sókè pẹ̀lú ẹnu tọ́ọ̀ṣì ọ̀fun kí ẹ tó rí ihò. Ẹ má fi kílò yan túùbù. Ajá elénu gígùn tó wọn kílò 11 lè gba 8, ṣùgbọ́n fún èyí, ẹ to 5, 5.5, 6, 6.5 àti 7 sórí tíréè, ẹ fẹ́ bálúùnù ẹnu wọn wò níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wọn gígùn wọn lára ajá kó má kọjá ibi èjìká. Ẹ fún un ní ọ́síjìn lójú fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí própófọ́ọ̀lù tó wọlé, bó bá gbà láìjà. Bó bá ń jà, ẹ sún ìbòjú sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ìjàkadì ń jẹ ọ́síjìn ju èyí tó ń rí gbà lọ. Própófọ́ọ̀lù mílígíráàmù 4 sí kílò kan jẹ́ 44 mílígíráàmù, ìyẹn mílílítà 4.4 nínú èyí tó jẹ́ 10 nínú mílílítà kan. Ẹ fún un díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan títí àgbọ̀n á fi rọ̀, ó sì lè má tó gbogbo rẹ̀.

Wàyí o, ká ní túùbù ṣìnà, tó wọ ọ̀nà oúnjẹ. Ọ́síjìn ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. SpO2 yóò ṣe 99, yóò ṣe 98, gbogbo ènìyàn yóò máa dì í mọ́ àgbọ̀n, wọn yóò máa fá irun ikùn. Nígbà tó bá máa fi ṣe 90, ọkàn ti ń lọ sílẹ̀. Kapinógíráàfù kò ní jẹ́ kó dé ibẹ̀: láàárín èémí mẹ́ta sí mẹ́rin, bí kò bá sí ìlà tó gòkè, túùbù kò sí níbi tó yẹ, ẹ yọ ọ́. Èémí kan tàbí méjì lè fi kábọ́ọ̀nù díẹ̀ hàn láti inú ikùn, nítorí náà ẹ má yọ̀ kí ẹ tó rí ìkẹrin.

Ó dáa, túùbù wọlé, ó ń mí. Ìlà tó dára máa ń gòkè gan-an, á tẹ́ lórí, á sì já wálẹ̀ dé òdo bí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Òkè àpótí yẹn ni EtCO2. Láàárín 35 sí 45 mmHg, ara dá. Lábẹ́ oògùn ó sábà máa ń ga díẹ̀, mo sì lè fojú fo 50 tàbí 55 fún ajá tí ìfúnpá rẹ̀ dára. Ní 60, ọwọ́ mi ti wà lórí báàgì. Ẹ má gbàgbé pé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an sábà máa ń ju ohun tí ẹ̀rọ kọ lọ, nítorí náà 60 ojú ẹ̀rọ kì í ṣe 60 lásán.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ajá yín yìí lórí tábìlì. Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, ó ń mí ní ìgbà 14, SpO2 99, EtCO2 41. Ní ìṣẹ́jú ogún, ẹ ti fa ilé-ọmọ, ó fò díẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ gbé aisofilúréènì láti 1.5 lọ sí 2.5, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, ó ń mí ní ìgbà márùn-ún, SpO2 99, EtCO2 63. Bí ẹ bá ní SpO2 nìkan, gbogbo nǹkan dára lójú yín. Ẹ kọ́kọ́ dín aisofilúréènì kù, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà òun gan-an ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún báàgì lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà-mẹ́fà, kí àyà gbéra bí ẹni tó mí jẹ́jẹ́, kí ọ̀pá ìfúnpá má ju 15 lọ, kó má sì dé 20. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ẹ ó rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀: 58, 52, 47. Ẹ má lé e dé 30. Bí kábọ́ọ̀nù bá kéré jù, ajá kò ní rí ìdí tí yóò fi mí fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ jí i.

Bí EtCO2 bá já lójijì láti 45 sí 15, tí ẹ kò ṣe ohunkóhun, ẹ má sọ pé ó ti sàn. Ẹ fọwọ́ kan ìṣàn ẹ̀jẹ̀ itan kí ẹ tó wo ibòmíràn. Ọkàn tí kò ta ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kò ní kábọ́ọ̀nù tó máa gbé lọ síbẹ̀. Bí ó bá já dé òdo pátápátá, túùbù ti yọ, okùn ti tú, tàbí ọ̀nà ti dí. Bí ìsàlẹ̀ ìlà kò bá wá dé òdo mọ́, tó ń dúró lórí 5 tàbí 8, ajá ń mí èémí ara rẹ̀ padà: ẹfun sódà láímù ti kú, fáàfù kan ti lẹ̀, tàbí ọ́síjìn tí ẹ ṣí kò tó. Èyí tó sì jẹ mọ́ onímú pẹlẹbẹ jù ni ìlà tí kò gòkè gan-an mọ́, tó ń yọ́ gòkè bí ẹ̀gbẹ́ òkìtì. Afẹ́fẹ́ ń fi agbára káká jáde ni. Túùbù 5.5 tóóró tẹ́lẹ̀. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, tàbí tí ọrùn kúkurú yẹn tẹ̀ ẹ́ po lábẹ́ aṣọ iṣẹ́ abẹ, ibẹ̀ ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ na ọrùn, ẹ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ tún wò.

Ẹ̀rọ SpO2 yín kì í ṣe aláìwúlò o. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìgbà tó ń purọ́. Kílíìpù tó bá pẹ́ lójú kan ń fún ẹ̀jẹ̀ ahọ́n pa, nọ́ńbà á sì máa wálẹ̀ láìsí ìdí. Ẹ sún un láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ fi gọ́ọ̀sì tó tutù díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ bò ó kúrò lọ́wọ́ iná iṣẹ́ abẹ. Àṣírí rẹ̀ ni pé kí ẹ fi iye ìlù ọkàn tó ń kọ wé èyí tí ẹ fi sítẹ́tósíkóòpù kà. Bí ẹ̀rọ bá ní 60 tí ẹ̀yin sì ka 110, SpO2 tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́, ì báà jẹ́ 99 ì báà jẹ́ 82. Tó bá jọra, tí SpO2 sì bọ́ sísàlẹ̀ 95 nígbà tí ajá ṣì wà lórí ọ́síjìn, ẹ má dúró. Ní 90, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti wà ní nǹkan bíi 60 mmHg, ibẹ̀ gan-an ni òkè ti yọ̀: ohun tó kù á já wálẹ̀ wàrà.

Nípa túùbù yíyọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 2002 sí 2004 lórí ajá tó lé ní 98,000, nǹkan bí ìdajì nínú àwọn ajá tó kú ló jẹ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n kú, púpọ̀ nínú wọn láàárín wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́. Gbogbo irú ajá ló wà nínú èyí. Ti onímú pẹlẹbẹ tún ní ìdí tirẹ̀: ẹ yọ túùbù, ọ̀fun tó ti dín tẹ́lẹ̀ padà sípò rẹ̀, ó tún ti wú díẹ̀ nítorí túùbù, iṣan rẹ̀ sì ṣì dẹ̀ nítorí oògùn. Ọ́síjìn ti kúrò, ẹ̀rọ méjèèjì ti kúrò, dókítà ti lọ kọ ìwé, nọ́ọ̀sì ti ń fọ irin. Ajá tó ní EtCO2 63 tó ń ṣe 99 lórí ọ́síjìn, bí ẹ bá tú u sínú afẹ́fẹ́ yàrá bẹ́ẹ̀, kábọ́ọ̀nù náà nìkan tó láti fa SpO2 rẹ̀ sún mọ́ 90, kí ọ̀fun tó dí rárá.

Nítorí náà, ẹ máa yọ ọ́ ní ìpele. Ẹ pa aisofilúréènì, ẹ fi ọ́síjìn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn ọ̀fun nígbà tó ṣì sùn. Àwọn ajá yìí máa ń pọ omi ikùn sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, ẹ fa á kúrò, ẹ sì nù ún. (Ìdí kan nìyí tí n kò fi fẹ́ sáílásíìnì fún wọn: èébì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀.) Ẹ fi àyà rẹ̀ lélẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì nà síwájú, aṣọ ìnuwọ́ kíká lábẹ́ àgbọ̀n, orí ga díẹ̀, ahọ́n yọ síta síwájú. Bí EtCO2 bá ti wà ní ìsàlẹ̀ 50 tó sì ń mí fúnra rẹ̀, ẹ tú okùn ẹ̀rọ kúrò, túùbù ṣì wà nínú, kó fa afẹ́fẹ́ yàrá fún ìṣẹ́jú márùn-ún. SpO2 dúró ní 95 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti kẹ́sẹ járí. Bó bá já, ẹ dá ọ́síjìn padà, ẹ tún gbìyànjú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣì fi túùbù sílẹ̀ síbẹ̀. Ajá elénu gígùn, bó bá ti gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè fa túùbù. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbé itọ́ mì léraléra, kó gbé orí fúnra rẹ̀, kó máa wo yín, kó máa jẹ túùbù lẹ́nu. Ó máa ń yani lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa ń jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú túùbù lẹ́nu, bí ẹni pé èémí irú èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Ẹ fi róòlù bándéèjì kan sáàárín eyín kó má bàa gé e. Nígbà tó bá kọ̀ ọ́ pátápátá, ẹ tú bálúùnù, ẹ fà á. Bí ẹ bá ti rí omi ikùn lọ́fun, ẹ fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú bálúùnù kó lè gbá a jáde.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, kí ẹnì kan jókòó tì í, kó má ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kapinógíráàfù ti parí iṣẹ́. Ajá kò ní gba kílíìpù lórí ahọ́n mọ́, ẹ gbìyànjú ètè, etí, tàbí ìṣẹ́po ojú ara. Ẹ fa òwú tín-ín-rín kan yọ lára òwú ìwòsàn, ẹ gbé e síwájú ihò imú. Híhanrun kò bà mí lẹ́rù, ariwo túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ń kọjá. Èyí tó yẹ kó lé yín dìde ni ajá tí àyà rẹ̀ ń wọlé nígbà tí ikùn ń jáde, tí ó ń sapá, tí òwú kò sì mì. Ọ̀fun ti dí nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé SpO2 ṣì ń ṣe 96. Ẹ na ọrùn, ẹ la ẹnu, ẹ fa ahọ́n, ẹ gbé ọ́síjìn síwájú rẹ̀. Bí kò bá yí padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n tàbí tí SpO2 bọ́ sísàlẹ̀ 90, ẹ má dúró de kí ahọ́n dúdú. Própófọ́ọ̀lù mílígíráàmù 1 sí kílò kan, ìyẹn mílílítà 1.1 fún ajá yìí, kí túùbù tó kéré sí ti àkọ́kọ́ ní ìdajì nọ́ńbà wọlé. Nítorí náà ni tíréè túùbù, tọ́ọ̀ṣì ọ̀fun àti síríńjì própófọ́ọ̀lù kò fi gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí kánúlà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi rìn. Fún wíwú, dẹksamẹtasóònù mílígíráàmù 0.15 sí kílò kan sínú iṣan ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í yára. Ẹ má fi rọ́pò túùbù.

Ọkàn àwọn ajá yìí máa ń rọra lù, fífa ahọ́n tàbí túùbù sì lè já a sí 50. Bí SpO2 bá dára, átírópíìnì mílígíráàmù 0.02 sí kílò kan tó: 0.22 mílígíráàmù, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 0.37 nínú èyí tó jẹ́ 0.6. Bí SpO2 kò bá dára, ọ́síjìn ni oògùn, ọkàn yóò padà fúnra rẹ̀.

Ẹ fi tẹmọ́mítà wọn ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Imú ni ajá fi ń tu ooru jáde, èyí kò sì ní imú. Ní 39.5 sókè, ẹ kó aṣọ kúrò lára rẹ̀, ẹ tan fáànù, ẹ fi omi tútù, kì í ṣe omi yìnyín, pa ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀, kí omi má kan ojú abẹ. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ń pọ̀, ọ̀fun ń wú sí i, mímí tún ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí. Ohun tí ẹ ó ṣe bí iná bá lọ ni kí ẹ ti ronú rẹ̀ láàárọ̀: ẹ̀rọ tó ń fa ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́ yóò dákẹ́ pẹ̀lú iná, sílíńdà kò ní dákẹ́. Kí sílíńdà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìjíjí, kí báàgì àfọwọ́fún sì wà lórí rẹ̀.

Bí owó kapinógíráàfù kò bá tíì sí, ẹ fi ènìyàn kún un: ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo báàgì àti àyà, kó máa kọ iye èémí sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, kó sì máa fún báàgì nígbàkígbà tó bá bọ́ sísàlẹ̀ mẹ́jọ. Iye èémí kò sọ bí èémí ti jìn tó, ìyẹn ni àléébù rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń rà á, ẹ bèèrè iye afẹ́fẹ́ tí okùn rẹ̀ ń fà ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó ń fa 50 mílílítà dára fún ajá kékeré ju èyí tó ń fa 200 lọ, nítorí pé èyí tó ń fà púpọ̀ máa ń bu ọ́síjìn mọ́ èémí kékeré, tí EtCO2 á sì kéré ju òtítọ́ lọ.

Ẹ bá onílé rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtù, kí gbogbo ọ̀sán jẹ́ ti ìjíjí. Kí ó má wá gbé e ní aago méjì ọ̀sán láti gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ lọ sí Iléṣà nínú oòrùn, pẹ̀lú wíńdò títì. Bó bá lè sùn lọ́dọ̀ yín, ó sàn. Bí kò bá lè sùn, ìrọ̀lẹ́ ni kó lọ, lẹ́yìn tó bá ti rìn fúnra rẹ̀, tó ti mu omi tí kò pọ̀ ọ́ jáde, tí SpO2 rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ lásán sì ti dúró ní 95 fún wákàtí mẹ́rin. Nínú ọkọ̀, kí ó fi àyà lélẹ̀, kí wọ́n yọ ìdè ọrùn rẹ̀, kí ẹnì kan jókòó tì í lẹ́yìn láti máa wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ.